Gbèsè Ẹni Tó Ti Kó Lọ Ni Mítà Mi Ń San

Mo ra iná ₦10,000, yúníìtì 26.6 ló wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, arábìnrin tó ń gbé òkè ilé wa náà ra ₦10,000, 44.4 ló wọlé fún un. Òpó kan náà ló gbé iná wá fún àwa méjèèjì, iye kan náà ni wọ́n sì ń ka yúníìtì kan sí fún wa. Mo ní kó tún fi fóònù rẹ̀ hàn mí, mo rò pé ojú mi ló ṣì í kà. Kò ṣì í kà.

Aṣọ ni mò ń rán. Áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ iná mi jù, kì í ṣe máṣíìnì, nítorí náà mo mọ iye yúníìtì tó yẹ kó gbé mi dé ìparí ọ̀sẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni mo kó dé ilé yìí, ní àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀, ìsàlẹ̀ ilé. Ilé náà ti ṣófo láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú. Mo wo òrùlé, mo wo kànga, mo ṣí ẹ̀rọ omi wò, mo bèèrè bóyá omi máa ń ya wọlé nígbà òjò. Nípa iná, ohun kan ṣoṣo ni mo bèèrè lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì: ṣé mítà wà? Ó ní ó wà, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Èrò mi ni pé mítà tí èèyàn máa ń sanwó sí kó tó lo iná kò lè jẹ gbèsè.

Mítà fúnra rẹ̀ kò lè jẹ gbèsè lóòótọ́. Bí owó bá tán, á pa iná ni. Àkáùntì tó wà lẹ́yìn mítà ló lè jẹ ẹ́. Nọ́ńbà méjì ni ọ̀rọ̀ iná ilé kan máa ń ní. Ọ̀kan jẹ́ ti mítà, ó wà lára ẹ̀rọ náà, òun ni à ń tẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ra iná. Èkejì jẹ́ ti àkáùntì, ó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ iná, ó sì ti lè wà kí mítà tó dé rárá. Mo ń gbé ilé yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé nọ́ńbà kejì wà.

Àmì àkọ́kọ́ ti fara hàn mí lọ́jọ́ kejì tí mo kó dé, n kò kàn mọ̀ ọ́n ni. Mo lọ ra ₦5,000 lọ́dọ̀ ìyá oníPọ́ọ̀sì kan nítòsí. Ó da nọ́ńbà ogún kọ sínú ìwé pélébé fún mi, mo tẹ̀ ẹ́, mítà kọ̀ ọ́. Mo tún un tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, `Reject` ló ń kọ. Nígbà tí mo padà lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ rìsíìtì náà jáde fún mi ní odindi. Ìgbà yẹn ni a rí i pé nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ogún-ogún: méjì tí wọ́n kọ `KCT` sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ẹ̀kẹta tó jẹ́ tókìn iná gan-an. Ẹ̀kẹta nìkan ló kọ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ ilé tó ti ṣófo fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nínú nọ́ńbà ogún tí à ń tẹ̀ sí mítà ni wọ́n ti ń ka àkókò láti ọdún 1993, ìwọ̀n tí wọ́n fún un láti kà sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Mítà tí wọn kò bá tíì fi nọ́ńbà `KCT` méjèèjì tó ń tún kíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí kò ní gba tókìn tuntun kankan lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ilé ti ṣe tiwọn kí ọjọ́ náà tó pé. Ilé tó ṣófo kò ní ẹni tí yóò bá a ṣe é. Àkọ́kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì, kí ẹ tó wá tẹ tókìn iná. Iná tó ṣẹ́kù lórí mítà tẹ́lẹ̀ kò ní sọnù. Èmi tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, mítà sì gbà.

Yúníìtì 13.3 ló wọlé fún ₦5,000 yẹn. Inú mi dùn pé iná dé, n kò wo ìlà yòókù lórí rìsíìtì. Ìgbà tí mo fi 26.6 wé 44.4 ni mo tó lọ wá rìsíìtì jáde, mo jókòó sídìí fìtílà, mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe pín ₦10,000 mi nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ₦4,000 kúrò fún gbèsè. Ó ku ₦6,000. Owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú ₦6,000 yẹn, ₦418.60 nìyẹn. Ohun tó wá kù láti fi ra iná ni ₦5,581.40, ₦209.50 sì ni yúníìtì kan nígbà náà fún àwa tí a wà lórí `Band A`. Ẹ pín in, 26.6 ni. Arábìnrin òkè kò jẹ gbèsè, nítorí náà owó orí ọjà nìkan ni wọ́n yọ nínú tirẹ̀, ₦9,302.33 ló fi ra iná, ó sì gba 44.4. Kò sí ohun tó ṣe mítà mi. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá owó tí mo bá san ń lọ síbi tí n kò mọ̀. Nísàlẹ̀ rìsíìtì ni wọ́n kọ iye tó kù sí: ₦80,400.

Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ yẹn. ₦86,400 ni gbèsè náà kí n tó dé, nítorí wọ́n ti yọ ₦2,000 nínú ₦5,000 àkọ́kọ́ àti ₦4,000 nínú ₦10,000. Kí gbogbo rẹ̀ tó tán lọ́nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́, mo ní láti ra iná ₦216,000. Èmi tí mò ń ra nǹkan bíi ₦10,000 lóṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. N kò sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ hùwà dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ló fi ibi tí mo wà hàn mí: “Ta ló ni àkáùntì?” Mo ní èmi ni mò ń gbé inú ilé. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun bèèrè. Orúkọ tó wà lórí àkáùntì ni ti ọkọ ìyá onílé wa, tó ti di olóògbé. Ní tiwọn, oníbàárà wọn nìyẹn. Èmi jẹ́ ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà sí mítà oníbàárà wọn. N kò lè gba àkọsílẹ̀ àkáùntì, n kò lè ṣe àtakò sí gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ní kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń yọ kù. Ṣùgbọ́n mo lè máa san án.

Tákíè ni ìyá onílé ń gbé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé rìsíìtì méjèèjì síwájú wọn.

“Ẹ dákun, Mà, gbèsè kan wà lórí mítà ìsàlẹ̀. Kì í ṣe tèmi o.”

“Gbèsè báwo, ọmọ mi? Ọ̀gbẹ́ni tó lọ yẹn kò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Mo tiẹ̀ dá owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ padà fún un, ₦20,000, nítorí pé kò ba nǹkankan jẹ́.”

Òótọ́ ni Màmá ń sọ. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n rí i pé owó ilé kò kù, wọ́n sì dá owó èèyàn padà fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó yẹ kí wọ́n wo àkáùntì iná náà, nígbà tí mítà ti wà. Èrò tèmi gan-an ló wà lọ́kàn wọn.

A jọ lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Màmá mú káàdì ìdánimọ̀ wọn dání, ìwé ilé, àti ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ wọn. Èmi mú ìwé àdéhùn ilé mi tí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ àkáùntì náà jáde fún wa láti oṣù dé oṣù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Kí wọ́n tó gbé mítà wá ní oṣù kẹta ọdún 2022, owó àfojúdá ni wọ́n ń kọ fún ilé ìsàlẹ̀ yẹn lóṣooṣù. Láti oṣù kìíní ọdún 2021 títí di oṣù kejì ọdún 2022, oṣù mẹ́rìnlá, ayálégbé ìgbà yẹn kò san nǹkankan. Mítà dé, ó ń ra iná rẹ̀ bí gbogbo èèyàn, gbèsè àtijọ́ wà nínú ìwé láìfarahàn lórí mítà. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n tó gbé e lé orí mítà kí wọ́n máa yọ ọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gbẹ́ni náà kó lọ.

Màmá pè é lórí fóònù níbẹ̀. Ó gbé e, ó sì kí wọn dáadáa. Ó ní òun mọ̀ nípa owó náà, ṣùgbọ́n òun kò ní san án, nítorí iná tí wọ́n kọ ọ́ fún kò sí nígbà náà, ilé iṣẹ́ iná kàn ń dá iye tó wù wọ́n lé òun lórí ni. Inú bí mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo tún wo àkọsílẹ̀ náà, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni irọ́. Oṣù mìíràn wà tí wọ́n kọ ₦3,900, òmíràn ₦9,200, nínú ilé kan náà, pẹ̀lú èèyàn kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ wáyà nílùú yìí ló sọ ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní ní oṣù kejì ọdún 2020, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà pàṣẹ pé owó àfojúdá tí wọ́n bá ń kọ fún ilé gbígbé tí kò ní mítà kò gbọdọ̀ kọjá iye kan pàtó lóṣù, wọ́n sì kọ iye náà sílẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo oṣù mẹ́rìnlá tó wà nínú gbèsè wa ni wọ́n kọ lẹ́yìn àṣẹ yẹn. Nítorí náà, kò yẹ kí a kàn bèèrè ẹni tí yóò san án. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá iye náà tọ́.

Mo bá Màmá kọ lẹ́tà. Orúkọ wọn ni a fi kọ ọ́, nítorí àwọn ló ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ojú ìwé kan péré ni: nọ́ńbà àkáùntì, nọ́ńbà mítà, àwọn oṣù tí ó kàn, ìbéèrè pé kí wọ́n fi iye tí wọ́n kọ lóṣù kọ̀ọ̀kan wé iye tí àṣẹ náà gbà, àti pé kí wọ́n dá yíyọ owó dúró títí ìdáhùn yóò fi jáde. A ṣe ẹ̀dà méjì, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún wa pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ má fi lẹ́tà sílẹ̀ láìní òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà tiyín. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò rí tiwọn mọ́, ẹ̀dà tiwa ni wọ́n lò.

Ìdáhùn gba nǹkan bí oṣù méjì. Wọn kò dá yíyọ owó dúró, mo sì tún pàdánù ₦4,000 mìíràn nígbà tí mo ra iná láàárín. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ₦31,200 kúrò nínú gbèsè náà, èyí tó kọjá ìwọ̀n. Nínú ₦55,200 tó yẹ kó jẹ́, ₦10,000 ti ti ọwọ́ mi lọ. Ó ku ₦45,200. Màmá san án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àdéhùn mi pé ₦10,000 yóò kúrò nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Gbogbo rìsíìtì tí mo ti tọ́jú ni a fi ṣírò ₦10,000 yẹn. Bí mo bá ti sọ wọ́n nù ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni ì bá kù.

Màmá fẹ́ kí a yí orúkọ àkáùntì sí tèmi lẹ́yìn náà, kí wàhálà má bàa bá wọn mọ́. Mo rò ó dáadáa kí n tó bẹ̀ wọ́n pé kí ó di orúkọ tiwọn. Ọdún méjì ni mo máa lò níbẹ̀, bóyá mẹ́ta. Bí orúkọ mi bá wà lórí rẹ̀, ohunkóhun tí ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi bá ṣe sí mítà náà, orúkọ mi ni wọ́n ó máa pè. Àwọn ló ni ilé, àwọn ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo àwa ayálégbé bá ti lọ. Ohun tí mo gbà ni pé kí nọ́ńbà fóònù mi wà lórí àkáùntì náà, kí ìránṣẹ́ wọn máa dé ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ ẹlòmíràn tó gba orúkọ sí tirẹ̀, tó sì dára fún un nítorí pé ó ń lo ìwé iná láti fi ẹ̀rí ibùgbé hàn. Ó yẹ kí onílé àti ayálégbé sọ ọ́ kí owó tó yí ọwọ́ ni, kí ó má ṣe jẹ́ orúkọ olóògbé ló kàn wà níbẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi ń wá ilé nítòsí Sábó, mo ní kó bẹ onílé kó jẹ́ kó ra iná ₦1,000 péré sórí mítà ilé náà kó tó san kọ́bọ̀. Lórí `Band A` tiwa, yúníìtì 4.4 ló yẹ kó wọlé. Bí ó bá jẹ́ 2.7 tàbí iye mìíràn tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun kan ń gba owó náà lọ́nà, rìsíìtì yóò sì sọ ohun tó jẹ́. Ó ra á, 4.4 ni. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ rántí pé gbèsè ilé tèmi wà nínú ìwé fún ohun tó lé lọ́dún méjì kí wọ́n tó gbé e sórí mítà. Ẹni tó bá ra iná ₦1,000 láàárín ọdún 2023 kò ní rí nǹkankan. Àkọsílẹ̀ àkáùntì tí onílé fúnra rẹ̀ bá lọ gbà ló ń fi gbèsè tó fara sin hàn, mo sì rò pé onílé tó bá fẹ́ kí ayálégbé san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà lè rìn dé ọ́fíìsì yẹn.

Ohun kan tún wà tí n kì bá tí rí bí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí kò bá mú mi máa wo mítà lójoojúmọ́. Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lára mítà. Lára tèmi wọ́n kọ `1600 imp/kWh`, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá ṣẹ́jú nígbà 1,600, yúníìtì kan ti lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan mo pa gbogbo iná ilé mi láti orí bọ́ọ̀dù, iná pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú kíákíá. Mo jáde síta, mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sókè. Orí mítà mi ni wọ́n so ó mọ́, gbogbo ilé ló sì ń lo omi náà. Ẹ̀rọ náà lágbára tó họ́sípáwà kan, ó ń jẹ bíi yúníìtì kan ní wákàtí kan kó dín díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì ń fa omi lọ́sẹ̀. Ó tó yúníìtì mẹ́wàá lóṣù, nǹkan bí ₦2,250. Mo ṣàlàyé fún àwọn ará ilé, wọn kò jà. Ìdílé mẹ́ta ni wá, a ń pín in sí mẹ́ta ní ìparí oṣù.

Oṣù tó kọjá, arábìnrin òkè kó lọ sí Ìbàdàn. Màmá ní kí n bá àwọn lọ sí ọ́fíìsì iná náà kí àwọn tó dá owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ padà. A ya fọ́tò mítà rẹ̀, iye tó ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀ àti iye tó ṣẹ́kù, ọjọ́ sì hàn lára fọ́tò. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ àkáùntì jáde, kò jẹ nǹkankan. Màmá ka ₦20,000 rẹ̀ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀.